Ẹ Wá Ibi Tí Ẹ̀rín Wà Kẹ́ Ẹ Tó Wá Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé ẹ fẹ́ mú fíìmù kúkúrú kan, kẹ́ ẹ kọ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún ṣe ẹ̀dà mìíràn tí àwọn òṣèré inú rẹ̀ á ti máa sọ Yorùbá lẹ́nu. Mo tún gbọ́ pé ẹ ti túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán sínú ìwé kẹ́ ẹ tó jókòó wo àwòrán rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀. Ìwé yẹn, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Fíìmù tó ń pani lẹ́rìn-ín kì í fi ọ̀rọ̀ nìkan pani lẹ́rìn-ín, àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀rín wà, kẹ́ ẹ mọ ìṣẹ́jú-àáyá tó bọ́ sí, kẹ́ ẹ wá máa to gbólóhùn yín padà sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù kan pàtó, kí ọ̀rọ̀ má baà di àlọ́. Fíìmù tí mo ní lọ́kàn ni Tears of Steel, tí Blender Foundation ti orílẹ̀-èdè Netherlands gbé jáde ní 2012. Ian Hubert ló darí rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 12. Ìlú Amsterdam ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nídìí ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé tí wọ́n ń pè ní Oude Kerk. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ìwé àṣẹ rẹ̀, CC BY 3.0, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tún un ṣe, kó sọ ọ́ di èdè mìíràn, kódà kó tà á, bó bá ṣáà ti dárúkọ àwọn tó ni ín. Fíìmù tẹ́ ò bá ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó dùn tó.

Bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin kan, Thom, àti ọmọbìnrin kan, Celia, dúró lórí afárá, wọ́n ń jà. Ìfẹ́ wọn ti fẹ́ dàrú. Celia bú u. Thom wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n, ó ní kálukú ló yẹ kó tẹ̀lé ohun tọ́kàn rẹ̀ ń fà sí. Ó ní Celia ní iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì tirẹ̀, òun náà sì kàn fẹ́ lọ máa ṣe bẹbẹ lójú sánmọ̀ ni. Celia ní kó yéé pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ, kó ṣáà gbà pé ọwọ́ róbọ́ọ̀tì òun ló ń dẹ́rù bà á. Thom ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, àlàyé náà já mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló wá bú jáde pé òótọ́ ni, ó ń dẹ́rù ba òun, òun tiẹ̀ ń lálàá pé wọ́n ń lé òun kiri, pé àwọn èékánná irin ńláńlá ló ń lé òun. Kò pẹ́ sí i, àkọlé kan jáde pé ogójì ọdún ti kọjá. Ayé tí róbọ́ọ̀tì ti dojú rẹ̀ rú la wá bá ara wa.

Ẹ wò ó dáadáa, ibi mẹ́ta ni ẹ̀rín fara pamọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí Thom ti já bọ́ láti orí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n sórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Èkejì wà nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré tó wà láàrin ìgbà tó sẹ́ àti ìgbà tó jẹ́wọ́. Ìkẹta, òun ló sì jinlẹ̀ jù, ni àkọlé ogójì ọdún yẹn, torí òun ló sọ àlá Thom di òótọ́ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀ kankan. Ẹ rí i pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ Bàbá Sàlá rí, Moses Ọláìyá olóògbé, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ ti ìsàlẹ̀ àwòrán. Iṣẹ́ tí ojú ń ṣe níbẹ̀ pọ̀. Ojú ń ka ìwé, ó sì tún ń wo àwòrán, ó sì yára ju etí lọ. Bẹ́ ẹ bá gbé ìsẹ́ Thom àti ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sójú kan náà, ẹni tó ń wò ó á ti ka ìjẹ́wọ́ náà tán nígbà tí Thom ṣì ń sẹ́ lọ́wọ́. Á rẹ́rìn-ín ṣáájú, tàbí kó má rẹ́rìn-ín rárá. Àṣìṣe tí mò ń rí jù lọ nìyẹn nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n rí i pé ìlà méjì gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n bá kó o pọ̀. Ẹ gé e níbi tí òṣèré gbé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, kí ìsàlẹ̀ àwòrán má ní ohunkóhun níbẹ̀.

Bó ṣe máa rí nínú fáìlì nìyí. Àkókò tí mo kọ síbẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi wọn tiyín.

```
5
00:00:35,200 --> 00:00:37,300
Kò dẹ́rù bà mí rárá. Ó kàn...

6
00:00:38,100 --> 00:00:42,100
Ó dáa! Ó ń dẹ́rù bà mí!
Nǹkan kan ń lé mi lójú àlá...

7
00:00:42,700 --> 00:00:45,100
Bàbá èékánná irin, ràgàjì!
```

Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin 5 àti 6. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ inú rẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Ẹ tún wo bí mo ṣe pín àlá náà sí méjì. Bí Yorùbá bá ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sọ pé èékánná irin ń lé mi kiri, èékánná á sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ìgbẹ̀yìn ni èékánná ń bọ̀, lẹ́yìn tí Thom ti mí díẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ fi “nǹkan kan” dí àyè rẹ̀ nìyẹn, tí mo fi jẹ́ kí nǹkan náà farahàn nígbà tó yẹ. Èdè wa ní ọ̀nà fún un, ẹ ò ní láti fi ipá tẹ gbólóhùn.

Bákan náà ni ti ojú sánmọ̀. Ọwọ́ Yorùbá máa ń yá láti gbé ohun tó ṣe pàtàkì síwájú kó tó fi “ni” tẹ̀lé e. Bẹ́ ẹ bá kọ “Bẹbẹ lójú sánmọ̀ ni mo kàn fẹ́ lọ ṣe,” gbólóhùn náà dáa, kò sí olùkọ́ tó máa fa ìlà pupa sí i, àmọ́ ẹ̀rín ti kú, torí ó ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà kó tó sọ gbólóhùn tán. Ẹ jẹ́ kó lọ tààrà, “èmi kàn fẹ́ lọ ṣe bẹbẹ lójú sánmọ̀,” kí ìjábọ́ náà wà lẹ́yìn pátápátá.

Ohun kan tún wà nínú ìjà náà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Celia lo ọ̀rọ̀ kan fún ìbẹ̀rù náà, Thom fi ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sẹ́, ó sì tún fi í jẹ́wọ́. Àwa tí wọ́n kọ́ láti má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ nínú àròkọ máa ń fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. A ó kọ “dẹ́rù bà” lẹ́ẹ̀kan, “já mi láyà” lẹ́ẹ̀kejì, “fò mí láyà” lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ má ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìjẹ́wọ́ ò lè bá ìsẹ́ kọlu ara wọn.

Ẹ wá gbọ́ ti ìwọ̀n. Ìṣe àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù ni pé kí ìlà kan má ju lẹ́tà 42 lọ, kí ìlà má ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀rọ̀ má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 7 lọ lójú àwòrán. Fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń gbà kí ènìyàn ka lẹ́tà 17 títí dé 20 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èmi ò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ Yorùbá kedere, ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá kì í sábà kọjá lójú wa, ojú wa kì í sì í sáré lórí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró sí 13 tàbí 14, màmá yín náà á bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún irinṣẹ́ tó ń ka lẹ́tà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Celia yìí wò: “Ṣáà gbà pé ọwọ́ róbọ́ọ̀tì mi ń dẹ́rù bà ọ́.” Bẹ́ ẹ bá fi ojú kà á, pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìdánudúró, 38 ni. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé 43 ni. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ọ lásán ní àyè tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ tó ní àmì ohùn lórí kò ní, ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ọ, ọ̀tọ̀ ló ń tọ́jú àmì tó gùn ún. Bó bá sì jẹ́ pé irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ń tú gbogbo àmì sílẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀, gbólóhùn kan náà á di 59. Ẹ wáá rí i tí ọmọ kan á máa gé ọ̀rọ̀ tó dáa kúrò, tàbí kó máa yọ àmì ohùn dànù, nítorí pé Subtitle Edit tàbí Aegisub fi àwọ̀ pupa kìlọ̀ fún un. Ẹ fi ojú kà á. Ẹ wo bó ti gbòòrò tó lójú àwòrán. Àmì ò gba àyè sí ẹ̀gbẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé.

Nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ yìí náà ni mo fi ní kẹ́ ẹ yan irú lẹ́tà tó mọ Yorùbá. Noto Sans ń gbìyànjú. Ẹ fi UTF-8 tọ́jú fáìlì náà, kẹ́ ẹ wá wò ó lórí fóònù tí kò wọ́n, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín nìkan. Bẹ́ ẹ bá rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ẹ̀ wà, tàbí tí àmì ohùn sún kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, fóònù yẹn ò ní lẹ́tà náà. Nígbà náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ lẹ àwòrán pátápátá:

```
ffmpeg -i tos.mp4 -vf "subtitles=yo.srt:force_style='FontName=Noto Sans'" -c:a copy tos-yo.mp4
```

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wò ó kò ní lè pa á. Ẹ fi ẹ̀dà tí kò lẹ̀ mọ́ àwòrán pamọ́ pẹ̀lú.

Ó kù sí ti ohùn, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ yẹn pátápátá. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán fún òṣèré pé kó kà á. Èyí tẹ́ ẹ kọ fún ojú, ẹ ti gé e kúrú. Ẹnu Thom á ṣì máa mì lójú àwòrán nígbà tí òṣèré yín bá ti kà á tán. Ẹ kọ òmíràn fún ẹnu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ ni pé kẹ́ ẹ pa ohùn fíìmù náà, kẹ́ ẹ máa wo ètè. Ohun tí awòran ń rí lẹ́nu ènìyàn kò pọ̀. Ó ń rí ìgbà tí ètè pàdé, ìgbà tí ẹnu yà gbàgà, àti ìgbà tí ẹnu dákẹ́. Inú ẹnu, níbi tí ahọ́n ti ń ṣe t àti s àti r, ojú ò tó o. Torí náà, m, b, p àti gb ni iṣẹ́ yín. Èdè wa sì ṣe wá lóore níhìn-ín. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá pa ètè dé fún m tàbí b tàbí p, mẹ́rin la ní láti fi dí i, torí p tiwa àti gb náà ń pa ètè dé.

Celia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi bú Thom ní Gẹ̀ẹ́sì kò pa ètè dé níbì kankan títí ó fi dé ìparí orúkọ Thom. Bí òṣèré yín bá sọ pé “O burú, Thom,” b náà á dún nígbà tí ẹnu Celia ṣí sílẹ̀, ojú á sì rí i, pàápàá bí ẹ̀rọ ayàwòrán bá sún mọ́ ọn. Ẹ wá gbìyànjú “Ọ̀dájú ni ẹ́, Thom.” Kò sí ìpàdé ètè kankan nínú rẹ̀ títí dé orúkọ yẹn. Ó fi sílébù méjì gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, àmọ́ sílébù wa kúrú, ó fúyẹ́, ẹnu òṣèré á gbé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà sì bọ́ sí i, torí ọmọkùnrin tó fẹ́ fi ọmọbìnrin sílẹ̀ torí ojú sánmọ̀, ọ̀dájú ni. Kí òṣèré má sì pe orúkọ náà ní Tọ́ọ̀mù. U ìparí yẹn á ṣí ẹnu tó ti pa dé. Kó dúró lórí m.

Nísinsìnyí, ojú sánmọ̀. Nínú gbólóhùn Thom, ètè pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, méjì tẹ̀ lé ara wọn láàrin, ọ̀kan ní ìparí, kò sì sí ìkankan níbẹ̀rẹ̀. “Èmi kàn fẹ́” tí mo kọ sísàlẹ̀ àwòrán ní m níbẹ̀rẹ̀, kò bá ẹnu rẹ̀ mu. Mo wá a títí tí mo fi rí èyí: “N ò fẹ́ ju kí n ṣe bẹbẹ lójú sánmọ̀.” Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bẹ méjèèjì bọ́ sí àárín, m inú sánmọ̀ sì bọ́ sí ìparí. Sílébù 13 ni tiwa, 10 ni tiwọn. Bí òṣèré bá sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, tí kò kà á bí ìròyìn rédíò, á wọlé. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn, mi ò purọ́, torí ó tún dà bí ohun tí ọmọkùnrin ọdún méjìlélógún kan máa sọ lóòótọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo gbólóhùn ló máa rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí òṣèré bá kọ̀yìn sí wa, tàbí tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ gbàgbé ètè, kẹ́ ẹ fi agbára yín sórí ọ̀rọ̀. Ibi tí ojú bá kún àwòrán ni kẹ́ ẹ ti máa jà fún m àti b. Ohun tí kò ṣeé gbàgbé níbikíbi ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Fíìmù yìí ń fi àwòrán 24 kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohùn bá fi àwòrán méjì pẹ́ kó tó wọlé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá ṣáájú ẹnu, ara á fu awòran. Bí ẹnu bá ti pa dé tí ohùn ṣì ń lọ, ó tán.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí òṣèré létí, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá pa á kó tó sọ tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pa á rè é. Orin ohùn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ran ni. Nígbà tí Celia ń béèrè nípa ọwọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí inú ṣe ń bí i, kò sì sí ohun tó kan ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣèré tó bá gba orin yẹn mọ́ra, tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níparí “ọwọ́,” á sọ pé ọwọ̀ róbọ́ọ̀tì òun ló ń dẹ́rù ba Thom. Awòran á rẹ́rìn-ín ìgbálẹ̀ níbi tí wọn kò ti pè é. Bí Yorùbá bá ń bínú, gbogbo ohùn rẹ̀ ló ń gbé sókè lápapọ̀. Òkè ṣì wà lókè ìsàlẹ̀, àárín ṣì wà láàrin. Ẹ jẹ́ kí òṣèré bínú bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bínú, kó má bínú bíi Celia.

Bí gbólóhùn bá gùn jù, ẹ tún un kọ. Ẹ̀rọ lè fún ohùn pọ̀ díẹ̀ kó wọlé, n ò sọ pé kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá díẹ̀, etí á mọ̀ pé ẹnì kan ń lé ọ̀rọ̀ náà kiri.

Ẹ tún ro ti àwọn ariwo mìíràn. Bó bá jẹ́ pé orí ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀, orin àti ariwo ìta wà, bẹ́ ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀ kúrò, afẹ́fẹ́ àti ìró ìlú á bá a lọ. Láàrin gbólóhùn kan àti èkejì, Amsterdam á máa wá, á máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀dà tí kò ní ọ̀rọ̀ wà. Bí kò bá sí, ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ nínú ìran yẹn kan náà, kẹ́ ẹ gbà á, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ìran náà látòkè délẹ̀. Orí afárá, ìta gbangba ni, ohùn òṣèré yín ò gbọdọ̀ dún bíi ti inú yàrá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ dára ju pálọ̀ lọ fún gbígba ohùn irú ìran bẹ́ẹ̀, aṣọ á gbé ìró mì.

Nípa àkọlé ogójì ọdún, ẹnì kan nínú yín á dábàá pé kí ohùn kan kà á jáde fún àwọn tí kò lè kàwé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà á. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń jẹ́ kí àkọlé yẹn pani lẹ́rìn-ín. Ẹ kọ “Ogójì ọdún lẹ́yìn náà” sísàlẹ̀ rẹ̀, kódà nínú ẹ̀dà olóhùn Yorùbá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó jáde ní ìgbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì jáde gan-an, kó má fi àwòrán kan ṣáájú.

Lẹ́yìn ogójì ọdún yìí, Thom ti darúgbó, àwọn ọmọ ogun àti onímọ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì kéré sí i. Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi í hàn. Àwọn ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ máa fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láàrin òun àti Celia, “o” ni títí fíìmù á fi parí. Ẹni tó bá fi “ẹ” sáàrin àwọn méjèèjì torí pé irun Thom ti funfun ti tú ìfẹ́ wọn ká, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìfẹ́ tó dàrú lórí afárá yẹn ni gbogbo ìtàn náà dá lé.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti fi àwàdà ilé kún un. Ẹ fẹ́ kí ọ̀gágun máa sọ Ìjẹ̀bú, kí Thom dárúkọ Ọjọ́ta. Ó lè pa ọ̀rẹ́ yín lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì Oude Kerk ṣì wà lẹ́yìn wọn, odò Amsterdam ṣì ń ṣàn, gbogbo ìgbà tí àwòrán bá já ọ̀rọ̀ yín nírọ́ ni awòran á rántí pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń fohùn sí i. Ẹ fi àwàdà náà sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, irú “bàbá èékánná irin” yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Yorùbá jáde ni, kò sì gbé ìlú kankan dání.

Níparí fíìmù, ẹ fi orúkọ tí àwọn tó ni ín ní kí wọ́n máa pè wọ́n sí i bó ṣe wà: `(CC) Blender Foundation | mango.blender.org`. Ẹ sọ nísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹ ti yí ohùn padà, torí ìwé àṣẹ náà béèrè pé kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ yí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn òṣèré tiyín á tẹ̀ lé e.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ pe àwọn bíi mẹ́fà tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn, kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ wá fi àkókò ẹ̀rín wọn wé àkókò tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín kí Thom tó jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ yín ti jáde ṣáájú. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbi bẹbẹ, àmọ́ tí wọ́n dákẹ́ nígbà tí àkọlé ogójì ọdún jáde, ẹ lọ wo ìparí ọ̀rọ̀ èékánná irin yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ohùn òṣèré yín ti gùn kọjá ibi tí àwòrán ti gé, kó ti gorí àkọlé náà. Ẹ gé “ràgàjì” kúrò, kẹ́ ẹ tún pè wọ́n wá wò ó.